Ẹlẹ́rìí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Di Ẹni Mímọ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́ Kí Ó Tó Gba Ìwé-Ẹ̀rí

Bí ọ̀dọ́ kan bá parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, tí ó sì ń kọ̀wé wá iṣẹ́, ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí ó máa ń dá a dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ó kọ orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó máa ń kọ orúkọ àbúrò bàbá wọn, tàbí ti pásítọ̀, tàbí ti lèmọ́mù àdúgbò. Ẹni rere ni àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì lè jẹ́rìí sí ìwà. Ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá pè wọ́n lórí fóònù, tí ó sì bèèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti rí i níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ rí?”, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ.

Àlàyé yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣì wà nínú ọgbà, àti fún òbí tí ń ná owó lé e lórí. Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìkan ni ó lè fi ẹnu rẹ̀ gbè ọ́ nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Àǹfààní tí ó tóbi jù lọ láti ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kí a tó jáde ni iṣẹ́ ìdánrawò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Áì-Tíì. Àwọn tí ó jáde ṣáájú wa ni ó ń júwe ọ̀nà ibẹ̀, àwọn olùkọ́ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, iṣẹ́ tí a sì ṣe níbẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí a jẹ́.

Ètò tí ó gbé e ró

Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń bójútó owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Áì-Tíì-Ẹ́fù. Ní ọdún 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Sáìwẹ́sì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ a máa lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún kẹrin. Ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ jẹ́ oṣù mẹ́rin. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí Ó-Ẹ̀n-Dì ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe máa ń ṣe iṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kí ó tó padà wá fún ìpele gíga.

Òfin àjọ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní ọdún 2011, kan ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dá fún àjọ náà lọ́dọọdún, òfin sì ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fún ìdánrawò. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ kì í ṣe alágbe. Síbẹ̀, òfin kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kan pàtó gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan pàtó. Ẹni tí ó bá tètè dé, tí ẹnìkan sì mọ̀ ọ́n, ni ó sábà máa ń rí àyè.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ọdún kẹrin, ó ń kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ilé àti afárá kíkọ́. Sáà kejì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ fún iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ronú kàn án títí di ìgbà tí ìdánwò sáà kìíní bá parí. Òun bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kìíní.

Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kí a kọ́kọ́ wá

Bí a bá dárúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹni ńlá: ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́, kọmíṣánnà, olóyè tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngán nínú ọgbà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí sáìtì wọn ń gbà, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ń gba lẹ́tà wọn. Ẹni tí ó jáde ní ọdún méjì sí márùn-ún sẹ́yìn ni ó mọ̀ ọ́n. Òun ni ó wà lórí sáìtì lójoojúmọ́. Òun ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń bi pé, “Ǹjẹ́ o mọ akẹ́kọ̀ọ́ gidi kan tí a lè mú wá?”

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa wá orúkọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó bi àwọn ọmọ ọdún karùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bi akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì bi olùkọ́ tí ó kọ́ wọn nípa kọnkéré. Ó rí orúkọ márùn-ún. Ohun tí ó kọ ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ni mo jẹ́ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin náà ti jáde. Olùkọ́ tí ó kọ́ wa nípa kọnkéré ni ó dárúkọ yín fún mi. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà mi ní ibi tí wọ́n ti ń da kọnkéré tí wọ́n sì ń dán an wò. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè méjì ni mo ní. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe gan-an ní sáìtì yín? Inú oṣù wo ni wọ́n sì máa ń gba lẹ́tà? Bí ẹ bá lè fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, inú mi yóò dùn. Ẹ ṣé, sà.”

Ó tọ́ kí a wo ohun tí ó mú kí irú ọ̀rọ̀ yìí rí èsì. Kò tọrọ iṣẹ́, nítorí náà kò di ẹrù lé ẹni tí kò ní agbára láti gba ènìyàn sí iṣẹ́ lórí. Ó dárúkọ ẹni tí ó rán an, èyí tí ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà mọ̀ pé kì í ṣe àwọn oníjìbìtì. Ó sọ irú iṣẹ́ tí ó fẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ènìyàn lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, sà” nìkan ti fi gbogbo iṣẹ́ ìrònú lé ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́.

Nínú àwọn márùn-ún, ẹ jẹ́ kí a sọ pé méjì dáhùn. Kí èyí má ba akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú jẹ́. Ọwọ́ àwọn tí ó kù lè dí. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà jẹ́ kí ó mọ̀ pé agbaṣẹ́ṣe tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ń kọ́ ilé-ìwé alájà méjì, pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ni wọ́n ń gbà, àti pé wọ́n máa ń ti ìwé orúkọ pa ní oṣù méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yìí ṣe pàtàkì ju ogún lẹ́tà tí a kàn há fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ kí o tó nílò rẹ̀

Nínú kíláàsì tí ó ní igba akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ kò lè mọ gbogbo orúkọ. Àwọn tí ó máa ń mọ̀ ni àwọn tí ó bá gba ipò kìíní, àwọn tí ó máa ń fa wàhálà, àti àwọn tí ó wá bèèrè ohun tí kò yé wọn. Ọ̀nà kẹta yìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú sáà kan, ní àkókò tí olùkọ́ náà yàn, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí ó ti gbìyànjú lé lórí, yóò di ẹni tí olùkọ́ náà lè sọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa padà lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ láti gba ìwé ìfinimọni, kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó mú ojú-ewé kan dání tí ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sí, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọjọ́ tí lẹ́tà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àti iṣẹ́ àṣetiléwá méjì tí ó ti ṣe fún olùkọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sì fún olùkọ́ náà. Olùkọ́ tí a bá fún ní ọjọ́ méjì yóò kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu: pé akẹ́kọ̀ọ́ náà níwà, pé ó ń wá sí kíláàsì. Èyí tí a bá fún ní àyè àti àlàyé yóò kọ ohun tí ó rí.

Lẹ́yìn èyí, alákòóso Sáìwẹ́sì nínú ọgbà wà. Ọwọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ ti ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni fọ́ọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé sí ibi iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù yìí ni ó ń sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà. Bí kò bá padà, olùkọ́ tí ó yẹ kí ó wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò kò ní mọ ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì pàdánù máàkì àti àǹfààní kí olùkọ́ rí i lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí lógìbúùkù lè ṣe

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Sáìwẹ́sì ni wọ́n ń fún ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn lógìbúùkù. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Alábòójútó ibi iṣẹ́ ń bu ọwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ tí ó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ àti aṣojú àjọ Áì-Tíì-Ẹ́fù náà sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kà á sí ìyà. Wọn a máa fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, wọn a sì wá kọ gbogbo rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Wọn kò mọ̀ pé ìwé yìí ni ó ń fún ọ̀gá ní ìdí láti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ iṣẹ́ ọjọ́ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé: “Lónìí, a da kọnkéré òpó.” Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kọ pé: “A da kọnkéré òpó mẹ́jọ ní ìsàlẹ̀ ilé. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, mo dán bí kọnkéré ṣe ki sí wò: ó rọ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 80. Aago kan ọ̀sán, ní òpó keje, ó rọ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 160. A mú kíúùbù mẹ́fà ní òwúrọ̀, mẹ́fà ní ọ̀sán.”

Ìdánwò tí ó mẹ́nu kàn kò le. A ó rọ kọnkéré tútù sínú agolo irin tí ẹnu rẹ̀ kéré tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 300. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó rọ ọ́ kún, a ó sì fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25. Bí a bá yọ agolo náà sókè, kọnkéré yóò rọ̀ sílẹ̀. A ó wọn iye tí ó fi rọ̀. Bí ó bá rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kíúùbù ní tirẹ̀ jẹ́ kọnkéré onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150. Inú omi ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. A ó fi ẹ̀rọ tẹ mẹ́ta fọ́ ní ọjọ́ keje, a ó sì tẹ mẹ́ta tí ó kù fọ́ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí a lè mọ agbára rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, kíúùbù òwúrọ̀ lágbára bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán kò tó nǹkan. Kọnkéré tí wọ́n fẹ́ kí agbára rẹ̀ dé 25 N/mm² ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ní ọjọ́ keje, ìyẹn bí 17. Ti ọ̀sán jẹ́ 11 péré. Àwọn kan ní sáìtì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé símẹ́ǹtì ni kò dára. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí ṣí lógìbúùkù rẹ̀. Àpò símẹ́ǹtì kan náà ni wọ́n lò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ohun tí ó yí padà ni bí kọnkéré ṣe ki sí. Oòrùn ti mú, kọnkéré ń tètè gan, àwọn òṣìṣẹ́ sì da omi kún un kí ó lè rọrùn láti kó. Omi àfikún yẹn ni ó máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú kọnkéré bí ó bá gbẹ, èyí tí ń mú kí ó di aláìlágbára.

Nítorí àkọsílẹ̀ náà, ẹnjiníà àgbà kò wulẹ̀ wó òpó mẹ́jọ. Ó mọ̀ pé òpó keje àti ìkẹjọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí àwọn méjèèjì, ó dúró de àyẹ̀wò ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nígbà tí wọn kò sì dé ojú ìwọ̀n, wọ́n fọ́ wọn wọ́n sì tún wọn dà. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọdé yóò jókòó sí ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnjiníà àgbà kò pè é ní “ọmọ Áì-Tíì” mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń pè. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni irú ọ̀ràn yìí yóò bá. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn, bánkì, oko tàbí ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹni tí ó kọ ohun tí ó rí, pẹ̀lú aago àti iye, ni àwọn àgbà máa ń padà wá bá.

Ibi tí ọ̀nà ti ń wọ́

Àṣìṣe kìíní ni kí òbí bá ọmọ wá ibi tí wọn yóò ti bu ọwọ́ lu lógìbúùkù láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́. Ọmọ náà yóò gba máàkì, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ti lọ, kò sì ní ẹlẹ́rìí kankan. A ó mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè kan péré nípa ohun tí ó kọ.

Ìkejì ni ibi iṣẹ́ tí ó sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí ń ra oúnjẹ tí ó sì ń tẹ ìwé. Ó tọ́ kí ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ fún àgbà, ṣùgbọ́n bí oṣù kan bá pé tí kò sí ohun mìíràn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá alábòójútó rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dán kọnkéré wò ní Ọjọ́rú.” Ẹ̀bẹ̀ tí ó ní orúkọ àti ọjọ́ ṣòro láti kọ̀ ju ẹ̀sùn lọ.

Ìkẹta ni ó burú jù. Bí ọ̀gá, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́jáde kan bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó tàbí kí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí òun tó ràn án lọ́wọ́, èyí kì í ṣe àjọṣe iṣẹ́ rárá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó sì tètè fi tó òbí rẹ̀ àti alákòóso Sáìwẹ́sì létí. Bí ó bá jẹ́ inú ọgbà ni ọ̀ràn náà ti wá, ọ́fíìsì tí ń bójútó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ó ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ ibi iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, bí alákòóso bá ti mọ̀ sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa tó kúrò, ó rí i pé ilé-iṣẹ́ kọ ìdá tiwọn sínú Fọ́ọ̀mù 8, èyí tí í ṣe ìròyìn ìparí ètò náà. Ó bèèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà àgbà bóyá òun lè máa fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́kọ́ dá a lóhùn, ó sì sọ ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ fún un. Ẹni tí ó ṣe wá lóore fẹ́ mọ ibi tí oore náà dé.

Ní ọdún karùn-ún, ìbéèrè omi àti oòrùn yẹn ni ó mú ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, abẹ́ olùkọ́ kan náà. Ó padà sí sáìtì láti gba ìyọ̀ǹda kí ó tó lo àkọsílẹ̀ wọn, nígbà tí ó sì parí, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wọn. Báyìí ni olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ibi iṣẹ́ ṣe di okùn kan. Láàárín ọdún kan, kò fi ju iṣẹ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó fi tọrọ owó.

Nígbà tí ìwé agùnbánirọ̀ rẹ̀ bá jáde, ilé-iṣẹ́ náà lè kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àjọ agùnbánirọ̀ ni ìpinnu wà. Bí wọ́n bá sì rán an lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè orúkọ ẹlẹ́rìí kò ní dá a dúró mọ́. Orúkọ mẹ́ta ni yóò kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì lè dáhùn ìbéèrè agbanisíṣẹ́ náà pé: “Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́.”